Dátábéèsì wa ń pe àwọn ọmọ iṣẹ́ alẹ́ ní olè, ẹ gbà mí

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun. Ilé iṣẹ́ omi ọlọ́ràá ni mo wà ní Òṣogbo níbí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe ètò tó ń ka iye ọ̀rá láti inú kọntírólà lọ sí dátábéèsì. Owó tí wọ́n ṣèlérí fún mi ò tíì dé. Ní báyìí, dátábéèsì ní odo ni láti aago 2:07 òru di 5:07, lẹ́yìn náà ọ̀rá 6,300 já wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń ṣe 35 ní ìṣẹ́jú kan! Ọ̀gá ní àwọn ọmọ sùn, wọ́n wá ń purọ́ iye. Nẹ́tíwọọ̀kì ló já, mo sì ti ṣe ibi tí iye ń dúró sí títí yóò fi dé. Kí ló kù?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, ẹ ra rọ́tà olójú síìmù méjì. Ẹ̀rọ ìsanwó tèmi lọ́jà, bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gba owó oníbàárà.

Bàbá Kọntírólà: Rọ́tà kọ́. Àbúrò, ta ló ń kọ aago sí ìlà kọ̀ọ̀kan?

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ̀gbọ́n, ètò mi dára o. Ẹni tó ṣe é ṣáájú mi ò tilẹ̀ ní ìpamọ́ kankan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo ń kà á.

Bàbá Kọntírólà: Mi ò bi ọ́ nípa ẹni yẹn. Ìlà mélòó ló wà ní 5:07?

Ọmọ Òkè-Fìà: 1,080. Aago gbogbo wọn dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ sí tábìlì:

```
aago timestamptz DEFAULT now()
```

Bàbá Kọntírólà: Ibẹ̀ ló wà. Wákàtí mẹ́ta ní àáyá 10 jẹ́ 1,080 gẹ́lẹ́, kò sí ohun tó sọnù. Nínú PostgreSQL, `now()` jẹ́ àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọlé, kì í ṣe ìgbà tí ọ̀rá jáde. Ìgbà tí o bá ka iye náà ni kí o kọ aago sí i, lórí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí aago ọ̀hún bá a rìn. Fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà pẹ̀lú. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn kan ọ́: dátábéèsì lè ti gbà á kí èsì tó já lọ́nà, wàá sì tún un fi ránṣẹ́.

```
INSERT INTO iye (ero, nomba, aago, apapo)
VALUES (%s, %s, %s, %s)
ON CONFLICT (ero, nomba) DO NOTHING;
```

Ẹ̀rọ àti nọ́ńbà papọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ `UNIQUE (ero, nomba)` kí èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọmọ Wáyà: Aago inú kọntírólà fúnra rẹ̀ ló dájú jù. Kí ló dé tí a ó fi lo ti kọ̀ǹpútà?

Bàbá Kọntírólà: Ó dájú bí bátìrì rẹ̀ bá dára. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí iná bá lọ, aago rẹ̀ á padà sẹ́yìn.

Ọmọ Wáyà: Ẹ pààrọ̀ bátìrì nígbà náà. Mi ò gbà.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Inú mẹ́mórì ni ìpamọ́ mi wà. Iná lọ lọ́jọ́ Ẹtì, kọ̀ǹpútà kú nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì ò sí. Àlàfo ọjọ́ yẹn ò kún mọ́.

Bàbá Kọntírólà: Há! O ò bá ti sọ. Àwọn yẹn lọ nìyẹn. Fáìlì SQLite lórí díìsìkì ni kí o kó wọn sí, má sì pa ìlà kan rẹ́ títí dátábéèsì yóò fi jẹ́wọ́ pé òun ti gbà á. Ṣé àpapọ̀ ni o ń kà, àbí iye àáyá 10 nìkan?

Ọmọ Òkè-Fìà: Àpapọ̀ ni, àmọ́ aago 6 àárọ̀ ló ń padà sí odo.

Bàbá Kọntírólà: Bí iná bá dé kí aago 6 tó lù, yọ àpapọ̀ ìkẹyìn kúrò nínú èyí tó tẹ̀ lé e, wàá mọ iye ọ̀rá, bí o ò tilẹ̀ mọ ìṣẹ́jú wọn. Bí ó bá ti kọjá 6, mi ò rí ọgbọ́n kankan dá sí i.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ó kọjá 6. Ṣùgbọ́n ti 5:07 yẹn, wọ́n to ara wọn bí mo ṣe kà wọ́n. Màá fi àáyá 10 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 2:07, màá sì gbé e lọ bá ọ̀gá lónìí.