Apá máṣíìnì mi sán lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù: èló ni kí n béèrè?

Ìyá Dámi (Ìjàpò, Àkúrẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí. Mo ra orí máṣíìnì ìránṣọ ní Èkó ní ₦145,000. Ẹni tó tà á fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, mo san ₦9,500 fún àwọn akẹ́rù. Nígbà tó dé ní ọjọ́ 12, ẹ̀gbẹ́ páálí kan ti tẹ̀ wọnú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé páálí ti tẹ̀, mi ò tíì wo inú rẹ̀, kí n tó fọwọ́ sí i. Inú bí ọmọ tó gbé e wá, àmọ́ mo kọ ọ́. Bí a ṣe tú u, apá máṣíìnì ti sán láti ìdí. Wọ́n ní ₦9,500 nìkan làwọn máa dá padà, torí kò ní ìnṣọ́ránsì. Mo fẹ́ béèrè ₦350,000, nítorí iṣẹ́ aṣọ ẹbí ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Kúnlé: Láìsí ìnṣọ́ránsì, ẹ gba ohun tí wọ́n bá fún yín. Ó wà lẹ́yìn wébílì.

Màmá Ẹlẹ́ja: Tèmi ti pẹ́ lọ́nà, ẹja mi rùn! Ẹ ṣáà máa pè wọ́n lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n Sọjí: Mo ti jókòó sídìí irú ẹ̀sùn báyìí rí. Kúnlé, ohun tó wà lẹ́yìn wébílì lè dín owó kù, kò ní kí wọ́n máa ju ẹrù bó ṣe wù wọ́n. Ìyá Dámi, ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n fún èèyàn láti fẹjọ́ sùn níbẹ̀, kí ẹ kọ̀wé kó tó pé. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹni tó dì í kò dì í dáadáa. Nítorí náà, ẹ má sọ páálí àti fóòmù nù. Ẹ ya fọ́tò ibi tó tẹ̀ pẹ̀lú ibi tó sán, kó hàn pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni. Kí nọ́ńbà wébílì hàn nínú ọ̀kan. Kí ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọ́n bá jó apá náà pọ̀, ọ̀pá inú rẹ̀ lè má tọ́ mọ́.

Ẹ béèrè ₦154,500: owó ọjà pẹ̀lú owó ẹrù, kí rìsíìtì méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14. Ti aṣọ ẹbí, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀. Ó ṣòro kí wọ́n tó san án, torí wọn ò mọ̀ nípa iṣẹ́ yẹn nígbà tí wọ́n gba ẹrù.

Kúnlé: Ta ló máa fọwọ́ sí i? Orúkọ ẹni tó tà á ló wà lórí wébílì.

Ẹ̀gbọ́n Sọjí: Òótọ́ lo sọ. Kí òun náà fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. NIPOST náà ló ń fún àwọn akẹ́rù ní ìwé àṣẹ.

Ìyá Dámi: Ó ti gbà láti fọwọ́ sí i. Àmọ́ wọ́n tún ní kí n kọ́kọ́ dá máṣíìnì padà.

Ẹ̀gbọ́n Sọjí: Kí wọ́n wá wò ó nílé yín. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ, kí wọ́n kọ̀wé pé àwọn gbà á, kí wọ́n sì kọ bó ṣe sán sí i.