Iṣẹ́ tí a ti pè ní "ó parí" tó tún padà wá: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Olùkọ́ọ̀dù Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ṣe n'Íbàdàn ní kí n kọ áàpù tí wọn á fi máa tọpa iṣẹ́. Ipò mẹ́rin ni mo fi sí i: `open`, `assigned`, `in_progress`, `done`. Mo wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti wọlé yan èyí tó wù ú nígbà tó wù ú. Mo ní àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀yà oníṣẹ́ wà lára `done`. Bí iṣẹ́ bá ti débẹ̀, áàpù á kọ ₦7,500 sórúkọ ẹni tó ṣe é. Iṣẹ́ 212 ló tú àṣírí. Ínfátà kan ní Bódìjà ni, oníṣẹ́ tẹ `done` lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, oníbàárà pè pé ó ṣì ń han píì-píì. Arábìnrin tó wà ní ọ́fíìsì dá a padà sí `open`. Oníṣẹ́ lọ, ó rí i pé nọ́ọ̀tì orí bátìrì ló dẹ̀, ó fún un le, ó tún tẹ `done`. Áàpù tún kọ ₦7,500 fún un. Owó odidi iṣẹ́ lórí nọ́ọ̀tì kan! Ìparí oṣù la tó mọ̀, iṣẹ́ 19 ló sì ti rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún bí ọ̀gá nínú ni pé `done_at` ti yí sí ọjọ́ tuntun, ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó ti tẹ̀ sórí ìwé kò bá ti ojú kọ̀ǹpútà mu mọ́.

Mo wá jókòó, mo kọ àwọn ọ̀nà tí mo gbà láàyè sílẹ̀:

```
open        -> assigned, cancelled
assigned    -> in_progress, open, cancelled
in_progress -> to_check, assigned
to_check    -> done, in_progress
done        -> ???
```

`to_check` àti `cancelled` ni tuntun. Ní `to_check`, ọ̀gá iṣẹ́ á pe oníbàárà kó tó di `done`, ẹni tó ṣiṣẹ́ kò sì lè fọwọ́ sí ti ara rẹ̀. Ohun méjì ló ṣẹ́ kù tí mi ò rí ojútùú rẹ̀. Ṣé kí `done` ní ọ̀nà àbọ̀? Iṣẹ́ tó ń dúró de bọ́ọ̀dù láti Alábà ńkọ́, ipò wo ni kí n fi í sí?

Ìyá Aláṣọ:
Àbúrò, èmi ò mọ̀ kọ̀ǹpútà o, àmọ́ mo mọ "ó ti parí" dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ni mo ní. Bí mo bá bèèrè aṣọ ìyàwó, wọ́n á ní "ó ti parí, mà". Kí n débẹ̀ báyìí, kò sí bọ́tìnnì, wọn ò tíì lọ̀ ọ́. Lójú tiwọn, bó bá ti kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, ó parí nìyẹn. Lójú tèmi, àfi kí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò. Mo wá ya ojú ìwé mi sí méjì: "a ti rán an" àti "ó ti gbé e lọ". Ṣé ẹ lè bá èmi náà ṣe irú áàpù yẹn? Èló ni?

Tìlẹ̀kùn:
Má da ara rẹ láàmú. `done` kò gbọdọ̀ padà rárá. Ohun tí àwa ń ṣe nìyẹn. Bí oníbàárà bá pè padà, ẹ ṣí iṣẹ́ tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ sí i, kí ọ̀yà rẹ̀ jẹ́ òdo. Owó ò ní jáde lẹ́ẹ̀mejì, ìròyìn ò ní yí.

Ẹ̀gbọ́n Onítíkẹ́ẹ̀tì:
Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Tìlẹ̀kùn, ó kàn jẹ́ ìdajì ni. Bí iṣẹ́ bá padà wá, ẹ ṣí tuntun, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ bí ọ̀gá iṣẹ́ bá fẹ́ tẹ 212 tó wá tẹ 221 ńkọ́? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a tilẹ̀kùn gbọin-gbọin bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ṣí iṣẹ́ tí kò sí níbì kankan láti fi tún àṣìṣe ìka ṣe. Nígbà tó yá, a ò mọ iye iṣẹ́ tòótọ́ mọ́. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé `done` lè padà sí `to_check` nìkan, alábòójútó nìkan ló lè dá a padà, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí. Gbogbo ìṣípò a máa wọ inú tábìlì ìtàn tí a kì í pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀: láti ibo, sí ibo, ta ló ṣe é, nígbà wo. Inú ibẹ̀ ni kí ìròyìn ọ̀sẹ̀ ti máa wá, kì í ṣe inú `done_at`.

Má dá ipò `reopened` sílẹ̀ o. Bugzilla, áàpù tí wọ́n fi ń tọpa àṣìṣe inú kóòdù, ní REOPENED nígbà kan. Nígbà tí ẹ̀dà 4.0 jáde ní 2011, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn ipò tó ń bá a wá látilẹ̀. Mo rí ọgbọ́n ibẹ̀. Pé a tún iṣẹ́ ṣí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn, kò sọ ibi tí iṣẹ́ náà wà báyìí.

Ọ̀yà náà, tú u kúrò lára `done`. Kọ ọ́ sínú tábìlì owó tí nọ́ńbà iṣẹ́ kan ò ti lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá tẹ `done` nígbà ogún, dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀.

Ìbéèrè tèmi: ibo lo kọ òfin rẹ sí?

Olùkọ́ọ̀dù Mọ́níyà:
Ara bọ́tìnnì ni, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tí kò bá tọ́, kì í hàn.

Ẹ̀gbọ́n Onítíkẹ́ẹ̀tì:
Mo fura. Èèyàn méjì lè ṣí ojú ìwé kan náà pa pọ̀, kí àwọn méjèèjì ṣì máa rí bọ́tìnnì tí ọ̀kan nínú wọn ti lò. Sáfà ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò:

```sql
UPDATE jobs SET status = 'done'
WHERE id = 212 AND status = 'to_check';
```

Bí ìlà tó yí bá jẹ́ òdo, ẹlòmíì ti gbé e kúrò níbi tó o rò pé ó wà. Sọ fún ẹni náà bẹ́ẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Ọmọ Ìgbó-Ọrà:
Ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí wa! Oníṣẹ́ wa wọ abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ó tẹ "mo ti bẹ̀rẹ̀", ó tẹ "mo ti ṣe tán". Kó tó dé ìgboro, ọ́fíìsì ti sọ iṣẹ́ náà di `cancelled` torí oníbàárà sọ pé òun ò rí ẹnikẹ́ni (ọkọ rẹ̀ ló wà nílé). Bí fóònù ṣe rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí, gbogbo rẹ̀ wọlé, iṣẹ́ tó ti kú sì jí sí `to_check`. Látìgbà yẹn, fóònù ń fi ipò tó rí gbẹ̀yìn ránṣẹ́ pẹ̀lú. Bí kò bá bá ti sáfà mu, ó di ti ọ̀gá láti yanjú.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Mo ṣí tábìlì ìtàn wa wò, mo rí i pé iṣẹ́ púpọ̀ ń kúrò ní `assigned`, gba `in_progress` kọjá, dé `to_check` láàárín ìṣẹ́jú kan, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Inú mọ́tò ni wọ́n ti ń tẹ gbogbo rẹ̀ papọ̀ bí wọ́n bá ń padà bọ̀. `in_progress` wa ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo yọ ọ́ kúrò, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Tìlẹ̀kùn:
Hùn. Ti àṣìṣe ìka yẹn, mo gbà. Ti pé kí iṣẹ́ tó padà jẹ́ tuntun, mi ò yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Onítíkẹ́ẹ̀tì:
Olùkọ́ọ̀dù, ti bọ́ọ̀dù Alábà: bi ara rẹ pé bí bọ́ọ̀dù bá dé, ibo ni iṣẹ́ ń lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ibi tó wà tẹ́lẹ̀", àmì ni kó o lẹ̀ mọ́ ọn, má sọ ọ́ di ipò. Bó o bá sọ ọ́ di ipò, o ní láti ya ọ̀nà láti ibi gbogbo lọ síbẹ̀, o sì tún gbọ́dọ̀ rántí ibi tí oníkálukú ti wá.

Olùkọ́ọ̀dù Mọ́níyà:
Ó yé mi, Ẹ̀gbọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé arábìnrin ọ́fíìsì fẹ́ rí wọn níbì kan lójú ògiri, kó lè máa pe Alábà láràárọ̀. Ó ní àmì kékeré ara káàdì ò hàn sí òun, òun ò sì wọ jígí. Mo ti gbé méjèèjì síwájú rẹ̀, ó ṣì ń bá mi jà lórí rẹ̀. Ìyá Aláṣọ, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mà.