Ìwé ní 67, mánéjà ní 85: ẹ bá mi wo ìṣirò ìdádúró ẹ̀rọ yìí

Ọmọ Adátán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo wà níbí ní Abẹ́òkúta. Èmi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé ìdádúró lé lọ́wọ́. Ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ tó ń rọ omi bá dúró, ópérétọ̀ á kọ aago tó dúró, aago tó padà ṣiṣẹ́, àti ohun tó dá a dúró. Ní gbogbo Sátidé, mo gbọ́dọ̀ sọ fún mánéjà iye tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ nínú àkókò tó yẹ kó ṣiṣẹ́, àti ohun tó ń dá a dúró jù.

Aago 8 àárọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́ la ń ṣíwọ́, a sì ń jẹun láti aago 1 sí aago 2. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 480 lójúmọ́, 2,880 fún ọjọ́ mẹ́fà. Ohun tó wà nínú ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé:

Iná lọ: ìgbà 11, ìṣẹ́jú 330
Ọ̀rá ń jò: ìgbà 14, ìṣẹ́jú 280
Bẹ́árìn bẹ́líìtì: ìgbà 1, ìṣẹ́jú 150
Rọ́ọ̀lù ọ̀rá: ìgbà 32, ìṣẹ́jú 128
Omi tán ní táńkì: ìgbà 2, ìṣẹ́jú 72

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 960. Mo yọ ọ́ kúrò nínú 2,880, ó ku 1,920. Mo fi 2,880 pín in, ó fún mi ní 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Mánéjà wò ó, ó ní n ò mọ ìṣirò, pé 85 ni. Kò sọ bó ṣe rí i, èmi náà ò sì lè bi í. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ̀nà?

Ṣẹ́gun Kútọ̀

Mánéjà yín ló tọ̀nà. Ṣé ẹ̀rọ ló ní kí iná lọ ni? Ṣé ẹ̀rọ ló ní kí omi tán? Ọ̀rá tó ń jò àti bẹ́árìn nìkan ni ẹ̀bi ẹ̀rọ: 280 àti 150, ó di 430. Yọ ìyẹn kúrò nínú 2,880, wàá rí 85 geere. Iye tí wọ́n ń lé káàkiri àgbáyé náà nìyẹn, inú ẹ yẹ kó dùn. Ní ti ohun tó ń dá a dúró jù, wo èyí tó ń ṣẹlẹ̀ jù. Rọ́ọ̀lù ni, ìgbà 32. Òun ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́.

Alájẹnẹrétọ̀ Ẹ̀gbá

Arákùnrin, mo ní jẹnẹrétọ̀ tòkunbọ̀ kan nílẹ̀ tó máa gbé ẹ̀rọ omi yín dáadáa, ariwo ẹ̀ ò pọ̀. Mélòó lẹ ní lọ́wọ́?

Ọmọ Adátán

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, a ní jẹnẹrétọ̀. Ìṣirò ni mò ń béèrè.

Bàbá Enjiníà

Ọmọ mi, ìwọ àti mánéjà ẹ, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú yín. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ̀ ń dáhùn. Ìwọ ń wò ó pé nínú àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, mélòó ni a fi rọ omi. Òun ń wò ó pé mélòó ni ẹ̀rọ fi bàjẹ́. Iye méjèèjì wúlò, kìkì kí ẹ má fún wọn lórúkọ kan náà ni. Tí ẹni tó ń ta ọjà bá gbọ́ 85, tó fi gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ibi tí ẹ̀rọ rọ omi dé gan-an ló máa bá ní gódáùn.

Ṣẹ́gun, 85 tí o gbọ́ yẹn kì í ṣe ti àkókò nìkan. Seiichi Nakajima ará Jàpáánù ló gbé e kalẹ̀. Ó fi 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti àkókò sọ 95 ti ìyára di púpọ̀, ó tún fi 99 ti ọjà tó dára sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn ló bí 85. Ti àkókò nìkan, 90 ni.

Àmọ́ ìwọ Ọmọ Adátán, n ò tíì gba 67 ẹ náà gbọ́. Ìṣirò ẹ dáa, ìwé yẹn ni mi ò fọkàn tán. Lọ wò ó bóyá ìdádúró kan wọnú àkókò oúnjẹ, torí o ti yọ wákàtí yẹn tẹ́lẹ̀. Kí o sì wò ó bóyá ìdádúró méjì gorí ara wọn. Ìṣẹ́jú kan ò lè kú lẹ́ẹ̀méjì. Bí ó bá wà nínú Excel, to ìlà rẹ̀ bí aago tí ẹ̀rọ dúró ṣe tẹ̀ léra, kí déètì àti aago jọ wà nínú àpótí kan. C ni aago tó dúró, D ni aago tó padà ṣiṣẹ́. Ìlà kejì ni ìdádúró àkọ́kọ́ wà, kọ =(D2-C2)*1440 síbẹ̀. Láti ìlà kẹta lọ, kọ èyí:

```
=MAX(0,D3-MAX(C3,MAX(D$2:D2)))*1440
```

Ìṣẹ́jú tí ìlà kan ti kà ṣáájú, ìlà tó tẹ̀ lé e ò ní kà á mọ́. Ti àkókò oúnjẹ, kò mọ̀ ọ́n, ojú ara ẹ ni wàá fi wò ó.

Ìyá Onígààrí Láfẹ́nwá

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi ní ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá. Ọjọ́ mìíràn, gbágùúdá ò ní dé láti oko títí di ọ̀sán, ẹ̀rọ á kàn jókòó. Ọmọ tó ń kọ̀wé fún mi ń kọ ọ́ sí ìdádúró. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Enjiníà

Ìyá, ó dá lórí ohun tí ẹ sọ ní àárọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ láti àná pé gbágùúdá ò ní tètè dé, tí ẹ ní káwọn ọmọ wá ní ọ̀sán, àárọ̀ yẹn kò sí lára àkókò iṣẹ́ rárá, ẹ má kà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wá, tí wọ́n ń retí ọkọ̀, ìdádúró ni. Ẹ kọ ọ́ sí orúkọ ọkọ̀, ẹ má kọ ọ́ sí ti ẹ̀rọ.

Ọmọ Adátán

Bàbá, ẹ kú làákàyè! Ẹ wo ohun tí mo rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iná lọ ní 12:40, ó dé ní 2:10. Ìwé ní 90, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ló jẹ́ ti àkókò iṣẹ́ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, iná lọ ní 9:50, ó dé ní 10:40. Láàárín ìyẹn náà, wọ́n kọ ọ́ pé omi tán láti 10:04 sí 10:40. Ìṣẹ́jú 36 yẹn ti wà nínú ti iná tẹ́lẹ̀. Mo yọ 60 àti 36, ìdádúró wá sílẹ̀ sí 864. Ó di 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣẹ́gun Kútọ̀

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí 85 yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ni ìṣẹ́jú 36? Fọ́múlà ń gbé e fún iná torí pé iná ló kọ́kọ́ lọ. Mo lè ní táńkì yín ló kéré, pé táńkì tó dáa ò yẹ kó gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tí iná lọ.

Bàbá Enjiníà

Iná ni màá kọ ọ́ sí, torí ẹ̀rọ ti dúró kí omi tó tán. Ká tilẹ̀ ní omi kún táńkì, kò ní rọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ jà lórí ìyẹn, kó ṣáà ti jẹ́ pé bákan náà ni ẹ ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Adátán, iṣẹ́ kan kù. Gbé ìgbà 14 tí ọ̀rá jò, kí o fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà 11 tí iná dé. Mélòó nínú wọn ló bọ́ sáàárín ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí iná dé?

Ọmọ Adátán

Mẹ́sàn-án, sà. Ìṣẹ́jú 198 nínú 280 ni wọ́n kó. Ẹnu yà mí. Mo lọ bá àǹtí tó ń lo ẹ̀rọ náà. Wọ́n mú ọ̀rá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́yìn tí iná dé, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó lẹ̀ pọ̀, omi sì tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fún ọmú. Wọ́n ní híítà ò tíì gbóná tó, ṣùgbọ́n bí iná bá ti dé, gbogbo èèyàn á máa pariwo pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Wọ́n á tan án, ọ̀rá á máa jò, wọ́n á tún pa á, wọ́n á kọ "ọ̀rá ń jò" sínú ìwé.

Ṣẹ́gun Kútọ̀

Iná lọ ní ìgbà 11, kò burú kí díẹ̀ lára jíjò ṣèèṣì bọ́ sítòsí ẹ̀.

Bàbá Enjiníà

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Ṣẹ́gun. Ogún ìṣẹ́jú lọ́nà 11 jẹ́ 220. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 2,000 ìṣẹ́jú, ìyẹn ni pé 220 fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ká ní ó kàn ṣèèṣì ni, nínú jíjò 14, ọ̀kan tàbí méjì la máa rí níbẹ̀. Mẹ́sàn-án la rí.

Tún un tò báyìí: iná, lẹ́yìn tí a yọ àkókò oúnjẹ, 270. Fi 198 tí híítà tútù fà kún un, ó di 468, ó ju ìdajì 864 lọ. Jíjò tó jẹ́ ti ara ẹ̀rọ ku 82 péré. Bí o bá kàn tẹ̀ lé orúkọ tó wà nínú ìwé, jíjò ló máa wà lókè pẹ̀lú 280, àwọn mẹkáníìkì á máa tú ẹnu tó ń lẹ ọ̀rá palẹ̀ lójoojúmọ́.

Bẹ́árìn, má tíì gbé e sípò kankan. Ìgbà kan ṣoṣo ni. Ka ìwé oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kí o tó sọ pé wàhálà ni tàbí pé kì í ṣe wàhálà.

Ọmọ Adátán

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ. Jẹnẹrétọ̀ wa dáa, ṣùgbọ́n mánéjà ní bí iná bá lọ, ká dúró fún ogún ìṣẹ́jú ná, bóyá á padà dé, torí dísù ti wọ́n.

Bàbá Enjiníà

Ẹ̀hẹn. Ó tó bẹ́ẹ̀. Kì í wá ṣe iná nìkan ló ni 270 yẹn, ìdúródedè wà níbẹ̀. Àsìkò tí ẹ fi ń dúró yẹn náà ni híítà ń tutù. Pín ìlà iná sí méjì láti Mọ́ńdè: láti ìgbà tí iná lọ sí ìgbà tí wọ́n ní kí a tan jẹnẹrétọ̀, àti láti ibẹ̀ títí híítà fi gbóná. Bóyá owó dísù pọ̀ ju owó omi tí ẹ pàdánù, bóyá kò pọ̀, èmi ò mọ owó yín. Gbé ìṣẹ́jú síwájú mánéjà, kí òun fi owó sí i.

Ìyá Sítọ̀

Èmi ni mo ń fún wọn ní rọ́ọ̀lù níléeṣẹ́ tèmi, nítorí náà ojú mi ò kúrò lára ìgbà 32 yẹn. Ọmọ, ọ̀rá mélòó ni kọ́ńtà yín kà lọ́sẹ̀ yẹn? Rọ́ọ̀lù kan ń bọ́ mélòó?

Ọmọ Adátán

Kọ́ńtà kà 68,640, mà. Rọ́ọ̀lù kan máa ń fún wa ní nǹkan bí 7,500.

Ìyá Sítọ̀

Rọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nìyẹn. Ibo ni 32 ti wá? Àfi bí ẹ bá ń ta rọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé.

Ọmọ Adátán

Àǹtí ní bí ọ̀rá bá já, tàbí tó yà kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀, "rọ́ọ̀lù" náà ni wọ́n ń kọ, torí òun ló yá kọ. Mo tún rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin ni gbogbo ìgbà 32, kò sí mẹ́ta, kò sí márùn-ún. Ó jọ pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, láti orí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá dúró ti ẹ̀rọ pẹ̀lú aago fóònù mi.

Mo ti fi iye 70 ránṣẹ́ sí mánéjà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú yẹn. Wọ́n ti kà á, wọn ò tíì dáhùn.