Ìdáhùn tó bá aláṣọ òfì mu, tó tún bá oníbúlọ́ọ̀kù mu

Olùkọ́ Tankẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ẹ̀kọ́ okòwò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS 2 nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí ní Ìlọrin. Nínú ìdánwò táámù tó kọjá, mo kọ ìtàn Alhaja kan tó ń hun aṣọ òfì. Ẹbí ìyàwó kan fẹ́ aṣọ 40 lọ́wọ́ ẹ̀, ₦30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún un. Òwú aṣọ kan jẹ́ ₦12,000. ₦150,000 péré ló wà lọ́wọ́ Alhaja. Olówùú lè tà fún un láwìn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló máa fi dúró. Ẹbí ìyàwó lè san ₦30 nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìyókù di ọjọ́ tí wọ́n bá gbaṣọ. Oṣù márùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, kò tíì sí èrè kankan nílẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà méjì tó bá Alhaja mu láti rówó òwú. Máàkì 8. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gba mẹ́rin: ọ̀kan fún dídárúkọ rẹ̀, ọ̀kan fún mímú un bá ìtàn mu, méjì fún àlàyé ohun tí yóò tìdí ẹ̀ yọ.

Ọmọ kan wà tó máa ń gbégbá orókè. Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá sọ ọ́: "Àsansílẹ̀ ni owó tí oníbàárà san kó tó gbọjà. Ó dára nítorí kò ní èlé. Àwìn ni kéèyàn rajà láì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó dára nítorí oníṣòwò á ráyè tajà kó tó sanwó." Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. Mo fún un ní 6. Ọ̀gá ẹ̀ka wa gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fàgi lé 6, ó kọ 4. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò purọ́.

Bàbá Ọmú-Àrán
Mẹ́rin gan-an pọ̀. Èmi o, odo ni ng ó fún un. Àkọ́sórí kì í ṣe ìdáhùn. Wọ́n bi í ní ti Alhaja, ó ń ka ìwé nóòtì fún wọn.

Ìyá Ọ̀fà
Bàbá, ẹ rọra o. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń máàkì, mo ti ṣe bíi tiyín rí, ọ̀gá mi ló sì dá mi lẹ́kun. Ọmọ yìí dárúkọ ọ̀nà méjì, méjèèjì wà nínú ìtàn, méjì nìyẹn. "Kò ní èlé" àti "á ráyè tajà" jẹ́ àlàyé tó tọ́ fún okòwò lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà: ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin pé. Odo ń fìyà jẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa fi ọwọ́ bo ìtàn náà, mo máa wá ka ìdáhùn ọmọ bíi pé oníbúlọ́ọ̀kù ní Gánmọ̀ ni wọ́n ń bá wí. Bí gbólóhùn náà bá ṣì dúró láìmì, kò tíì bá ìtàn mu. Ẹ wo ti ọmọ yìí: "Ó dára nítorí kò ní èlé." Ó bá oníbúlọ́ọ̀kù mu, ó bá alápatà mu, ó bá oníwàrà mu.

Ẹ wá wo èyí tó yẹ kó kọ. Òwú 40 jẹ́ ₦480,000. Ẹ yọ ₦150,000 kúrò, ó ku ₦330,000. Gbogbo owó aṣọ jẹ́ ₦1,200,000, nítorí náà àsansílẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ ₦360,000. Ó kárí gbogbo ohun tó kù, ₦30,000 tún ṣẹ́kù. Ẹ gbé ìyẹn fún oníbúlọ́ọ̀kù wò, kò ní wọlé.

Àwìn ni pańpẹ́ tó wà nínú ìtàn yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni olówùú fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni owó tó kù yóò tó dé. Ọmọ tó kọ "á ráyè tajà kó tó sanwó" ò ka ìtàn, torí pé ní ti Alhaja, irọ́ ni. Olówùú á ti wá kan ilẹ̀kùn nígbà tó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó gbaṣọ.

Olùkọ́ Tankẹ
Áà! Ìyá, gbólóhùn yẹn gan-an ni mo fún ní máàkì méjì.

Àbúrò Àjàṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ àbúrò mi kọ "Alhaja" sí gbogbo ìlà. "Àsansílẹ̀ máa dára fún Alhaja torí kò ní èlé fún Alhaja." Olùkọ́ rẹ̀ fún un ní máàkì ìbámu. Ṣé kò yẹ ni?

Ìyá Ọ̀fà
Kò yẹ. Ẹ yọ orúkọ kúrò, ẹ fi "oníbúlọ́ọ̀kù" sí i, ohunkóhun ò yí padà. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Iye owó, ọ̀sẹ̀, oṣù márùn-ún yẹn, àwọn ni ẹ̀rí.

Alága Ìyànà Ọ̀rọ̀
Báǹkì ló yẹ kí obìnrin náà lọ yáwó, kí ló ń dúró dè? Èmi náà yá lọ́dún tó kọjá fún ṣọ́ọ̀bù mi, ilé mi ni mo fi dógò. Ìyá tó ń hun aṣọ ò lè rí bẹ́ẹ̀ ṣe?

Olùkọ́ Tankẹ
Alága, ìwé ọmọ la ń máàkì, a ò tíì máa gba Alhaja nímọ̀ràn o. Ìtàn náà ò tilẹ̀ sọ pé Alhaja nílé.

Bàbá Ọmú-Àrán
Ó dáa, mo gba ti 4 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ kan lọ́dọ̀ mi ṣi ìṣirò, ó ní ₦430,000 ló kù fún Alhaja láti wá. Ó wá ní ₦360,000 àsansílẹ̀ kò tó, kó fi àwìn ₦70,000 kún un. Mo fagi lé gbogbo ẹ̀.

Ìyá Ọ̀fà
Ẹ má fagi lé gbogbo ẹ̀. Máàkì ìṣirò nìkan ló pàdánù. Ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ ronú títí dé òpin, ìrònú náà sì gún. Èyí dára ju ti ọmọ onímọ́tótó yẹn lọ.

Bàbá Ọmú-Àrán
Nọ́ńbà tí kò sí nínú ìtàn! Mi ò lè fún un ní máàkì pé ó bá ìtàn mu.

Ìyá Ọ̀fà
₦360,000 tinú ìtàn wá. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà.

Olùkọ́ Tankẹ
Mo dá ìwé padà fún ọmọ yẹn, mo ní kó tún un kọ, kó fi ọwọ́ bo ìtàn kó wò ó. Ó padà wá sí yàrá olùkọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ti kọ ₦330,000 àti ₦360,000 dáadáa. Ó wá ní: "Màmá, bí àwìn bá parí lọ́sẹ̀ kejì, aṣọ mélòó ni Alhaja á ti hun nígbà yẹn? Ṣé ẹbí ìyàwó lè gba díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa sanwó?"

Mo yẹ ìtàn mi wò lókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Mi ò kọ iye aṣọ tó ń hun lọ́sẹ̀ kan síbẹ̀ rárá.