Kí ni "ẹyọ" nínú owó ẹyọ?

Akọ̀wé owó, Kàbà
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mò ń kọ ìlànà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tó ń ka ínfọ́ìsì láti inú fọ́tò. Ṣé "owó ẹyọ" yẹ fún iye tí a ń sọ di púpọ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan? Kí sì ni ká pe iye ìsàlẹ̀, kí owó orí tó wọ̀ ọ́?

Olùkọ́ ìṣirò, Mọ́pà
Owó ẹyọ tọ́, n kò rí àbùkù rẹ̀. Ẹyọ ni ohun kan ṣoṣo. Iye ìsàlẹ̀ ni àròpọ̀.

Oníṣòwò ohun ìkọ́lé, Ìsánlú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti ná mi lówó rí. Ínfọ́ìsì kọ páànù ìdìpọ̀ 2, ₦110,000. Ogún páànù ló wà nínú ìdìpọ̀ kan, ni ọmọ iṣẹ́ mi bá gba "ẹyọ" sí páànù kan, ó sì fi 40 sọ ₦110,000 di púpọ̀. Nítorí náà, "owó òṣùwọ̀n kan" ni mo fara mọ́, ìyẹn òṣùwọ̀n yòówù tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ iye ọjà.

Lórí ínfọ́ìsì kan náà, símẹ́ntì jẹ́ àpò 25 ní ₦9,500, ìṣó sì jẹ́ páálí kan ní ₦38,000, bí a ṣe kà á. Fọ́tò ti gé ibi tí owó ìlà wà dànù. Ìṣirò wa fún wa ní ₦495,500, ṣùgbọ́n ₦609,500 ló wà nísàlẹ̀. Mo fi owó òṣùwọ̀n ìlà kọ̀ọ̀kan pín ₦114,000 tó kù. Ti símẹ́ntì pín in láìṣẹ́kù, ó jẹ́ 12, ti ìṣó náà pín in láìṣẹ́kù, ó jẹ́ 3. Ṣùgbọ́n àpò 37 kò lè dà bí 25, nítorí náà ìlà ìṣó ni mo wò. Páálí 4 ni, ibi tí ìwé ti ká ló jẹ́ kí 4 dà bí 1. Bí owó la bá ṣì kà ni, iye ọjà ni à bá fi pín in.

Oníṣòwò kan, Ẹ̀gbẹ̀
Oníbàárà mi san ìdajì, kò sì padà wá mọ́. Kí ni a ó pe èyí tó kù?

Oníṣòwò ohun ìkọ́lé, Ìsánlú
Gbèsè ni. Ìwé ọjà là ń sọ, a kò tíì dé orí ìwé ìsanwó.

Olùkọ́ ìṣirò, Mọ́pà
Mo gbà pé ẹyọ kò tó. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ "òṣùwọ̀n" lè rò pé a fẹ́ gbé símẹ́ntì sórí ìwọ̀n. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí àṣìṣe bá wà lórí ìlà méjì, pípín yẹn lè tọ́ka sí ìlà tí kò ṣẹ̀. Àní bí ọ̀kan bá fi kún un tí èkejì sì yọ iye kan náà kúrò, ìsàlẹ̀ yóò bára mu, kò sì sí ẹni tí yóò fura.

Akọ̀wé owó, Kàbà
Mo dúpẹ́. Owó orí 7.5% lórí ₦609,500 yóò sọ ọ́ di ₦655,212.50, àròpọ̀ sì ni àwọn méjèèjì. Mo ti kọ "àròpọ̀ ọjà" fún ti àkọ́kọ́, "àpapọ̀ owó" fún èkejì. Ní ti ẹyọ, "owó ìdìpọ̀ kan" tàbí "owó páálí kan" ni n ó máa kọ sórí ìlà tirẹ̀ títí ẹ ó fi fẹnu kò.