Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ kíláàsì tí mo tẹ̀ di nóòtì tó ní àkọlé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba ohùn olùkọ́ wa sílẹ̀ nígbà tó ń kọ́ wa ní fonọ́lọ́jì Yorùbá, mo sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Word. Ojú ìwé 14 ni, kò sí àkọlé kan ṣoṣo níbẹ̀.

Olùkọ́ wa kì í sọ̀rọ̀ ní títò. Ó ṣàlàyé àrànmọ́ ní ojú ìwé 2, bí “ará ilé” ṣe di “aráalé”. Ó bọ́ sórí ìpàjẹ, “ra ẹran” di “rẹran”. Nígbà tó di ojú ìwé 11, ẹnìkan béèrè ìbéèrè, ló bá tún padà sórí àrànmọ́ pẹ̀lú “ilé ìwé” tó di “iléèwé”. Mo fi Heading 1 sí ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, àrànmọ́ wá ní àkọlé méjì. Ṣé kí n kó wọn pọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí n lè máa gbọ́ ohùn náà bí mo ṣe ń kà á?

Ìṣòro kejì: nínú Find and Replace, mo kọ ^& sí Replace with, mo sì yan Highlight. Ó kun gbogbo “àrànmọ́” ní yẹ́lò, títí kan ibi tí olùkọ́ ti ń ṣàwàdà! Síbẹ̀ ó fo àwọn kan. Mo fura pé àmì ohùn tí mo fi fóònù tẹ̀ yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà. Ibi tó ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ni mo fẹ́ kùn. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?