Ẹja, gàrí tàbí kánópì: kí ni kí n kọ sí ìwé ìdìbò wa?

Akọ̀wé Òjóo
Ẹ jọ̀ọ́, Sátidé yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọ̀dọ́ wa máa dìbò lórí òwò tí a máa fi owó wa ṣe. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ẹja àrọ̀, gàrí, àti kánópì pẹ̀lú àga tí a ó máa fi rẹ́ǹtì. Wọ́n ní kí n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ìwé kan ṣoṣo. Kí ni kí n kọ sí i? Alẹ́ ọ̀la ni mo máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ẹlẹ́gàrí Mọ́níyà
Gàrí ni kí ẹ ṣe. Ọ̀nà Ìjàyè àti Ìròkò ò jìnnà sí yín, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, jáàkì tí ẹ ó fi fún omi rẹ̀, agbada mẹ́ta àti ajọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan máa ń di àpò gàrí 4 sí 5, ti 50 kílò. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú wà nílẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ tí ẹ rí àwọn ìlà dúdú nínú ẹran rẹ̀, ó ti ń bàjẹ́, ẹni tó tà á fún yín ò sì ní dá owó padà.

Aṣírò Dùgbẹ̀
Ẹlẹ́gàrí, kò béèrè èyí tí wọ́n máa ṣe. Ìwé ló ní kí a bá òun kọ.

Akọ̀wé, ẹ ò sọ iye yín, ẹ ò sọ iye tó wà lápò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò dúró de ìyẹn. Owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ sí irú ìwé yìí, ibẹ̀ sì ni ìwé náà ti ń parọ́. Gbogbo owó kánópì ló ń jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ti ẹja, táńkì àti ọmọ ẹja ni ẹ máa kọ, oúnjẹ ò ní sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ nìkan ń gbà ju ìdajì owó ẹja lọ. Ẹja á wá dà bí èyí tó pọ́ọ́kú jù lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ohun kan náà ni kí ẹ bi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́: èló ló máa jáde lápapọ̀ kí náírà àkọ́kọ́ tó wọlé? Lẹ́yìn náà: ó máa tó oṣù mélòó? Ta ló máa wà nídìí ẹ̀ lójoojúmọ́? Kí ló lè pa á? Tó bá kú, kí ni a ó rí tà nínú ẹrù rẹ̀? Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi dáhùn wọn, ojú ìwé kan á gbà á.

Àdùkẹ́ Apátá
Ẹ yọ ẹja kúrò níbẹ̀ pátápátá! Ẹja 800 ló kú mọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kan, nígbà tó pé oṣù mẹ́rin. A ti ra oúnjẹ débi tí owó àpò ti tán. Èyí tó kù ò tó san gbèsè oúnjẹ. Ẹni tó ta ọmọ ẹja fún wa ò gbé fóònù mọ́ títí dòní.

Ọmọ Òjé
Háà! Atẹ́gùn ló tán nínú omi yẹn. Ẹ ò bá ti ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi.

Baba Àrọ̀
Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ lè mí lókè omi, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó ń yọ ẹnu sókè. Ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn ni àìsí atẹ́gùn máa ń tètè pa. Ohun tó sábà ń pa àrọ̀ nínú táńkì ni ìdọ̀tí tirẹ̀: oúnjẹ tó ṣẹ́ kù àti ìgbẹ́ rẹ̀, tó ń di amóníà nínú omi. Kì í kú láìfi àmì hàn. Ó máa kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, omi á máa rùn, ẹ ó wá rí wọn tí wọ́n dúró lóòró, orí sókè ìrù sísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn nírọ̀lẹ́ tó sì tún da oúnjẹ lé e, ó ti parí nìyẹn.

Àdùkẹ́ Apátá
Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta la ń pààrọ̀ omi. Ẹ má sọ pé àwa la pa á.

Baba Àrọ̀
Àǹtí, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́ta lè tó fún ọmọ ẹja tó tó ìka ọwọ́. Nígbà tó bá ti pé oṣù mẹ́rin, tí ẹja pọ̀ nínú táńkì kan, ọjọ́ mẹ́ta ti pẹ́ jù.

Ọmọ Òjé
Tí iná ò bá wá ńkọ́? Omi wo ni wọ́n máa pààrọ̀? Bóhólù ò ṣiṣẹ́ láìsí iná.

Àdùkẹ́ Apátá
Ẹ ṣeun! Ọjọ́ méjì la fi wà láìní iná kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Baba Àrọ̀
Ẹ wá rí i báyìí. Jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ wà nínú owó ẹja nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ́.

Tópẹ́ Olódó
Ẹgbẹ́ yín ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn o, báńkì ò ní ṣí àkáǹtì fún yín.

Aṣírò Dùgbẹ̀
Tópẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Baba Àrọ̀, ẹ bá wọn ṣírò ẹja 1,000 kí Akọ̀wé rí ohun tó máa kọ.

Baba Àrọ̀
Ó dáa. Ẹ fi 1,000 sínú omi, ẹ má retí 1,000. Tí ìtọ́jú bá dáa, ẹ fi ọkàn sí bíi 900. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá pé kílò kan láàárín oṣù 5 sí 6, kílò 900 nìyẹn. Oúnjẹ tó dáa, bíi kílò kan ló ń mú kílò ẹja kan jáde. Nítorí náà ẹ retí kílò 900 sí 1,000 oúnjẹ. Àpò oúnjẹ tó ń léfòó lórí omi jẹ́ kílò 15, ẹ pín in, bí àpò 60 sí 67 nìyẹn. Ẹ lọ béèrè iye àpò kan lónìí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 65. Òun ni kí ẹ kọ sínú ìwé.

Oúnjẹ náà kì í jáde lẹ́ẹ̀kan o. Oṣù méjì àkọ́kọ́, díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Oṣù méjì ìkẹyìn ni àpò ń tán bí ẹni ń dà á nù, àkókò yẹn gan-an sì ni owó àwọn ẹgbẹ́ máa ń tán. Ẹ tún rántí pé ẹja tó ti pé kílò, tí oníbàárà ò tíì wá, kò ní yé jẹun.

Ohun kan ṣoṣo tí mo tún máa fi kún un: ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣà wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àwọn kan á ti ga ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n á sì máa gbé wọn mì. Ẹ kò ní rí òkú kankan lórí omi. Iye á kàn máa dín ni.

Kánópì Mọ́kọ́lá
Ìdí tí kánópì fi dáa jù nìyí. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, kò jẹun, kò mu omi, kò kú. Láti ìgbà yẹn èrè ni.

Ẹlẹ́gàrí Mọ́níyà
Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìnáwó n'Íbàdàn?

Aṣírò Dùgbẹ̀
Ẹlẹ́gàrí ti fọwọ́ bà á. Kánópì 4, Sátidé 4 lóṣù: ìgbà 16 péré ni ẹ lè rẹ́ǹtì wọn tí gbogbo Sátidé bá kún, kì í sì í kún. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, ìnáwó á dín kù gan-an. Ẹ fi owó rẹ́ǹtì kánópì kan pẹ̀lú bí àga 50 rẹ̀ pín owó tí ẹ fi rà wọ́n. Èsì rẹ̀ ni iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ tó rí owó yín padà, láìtíì yọ owó ọkọ̀ àti owó àwọn tó ń gbé e dúró. Àga oníke máa ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn pẹ̀lú ọ̀dà, torí Sátidé kan náà ni ti ẹlòmíràn àti tiyín máa dà pọ̀.

Àmọ́ ní ìbéèrè ìkẹyìn, ti ohun tí a ó rí tà, kánópì ló borí. Tí ẹgbẹ́ bá tú ká lọ́la, ẹnìkan á ra kánópì. Jáàkì náà á tà. Ta ló máa ra omi ẹja?

Ẹlẹ́gàrí Mọ́níyà
Ti gàrí, ẹ kọ ọ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni owó ń padà. Ohun tó ń pa á ni òjò. Ẹ̀gẹ́ á lómi, àpò á dín sí 4 tàbí kó má pé 4, igi ìdáná á tutù. Èyí tí kò yan gbẹ tí wọ́n sì dì í sápò, á hu. Ẹ fọwọ́ fún un: tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má dì í. Ẹ sì kọ owó àwọn ìyá tó ń yan án, torí mi ò rí ọ̀dọ́ 10 tó máa jókòó ti agbada ní ọ̀sán.

Akọ̀wé Òjóo
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àwa 34 ni. Owó ò tíì pé. Àwọn kan ní kí ẹni tó ní ṣíà púpọ̀ ní ìbò púpọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Kánópì Mọ́kọ́lá
Bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ jù ló máa jìyà jù.

Aṣírò Dùgbẹ̀
Ilé-iṣẹ́ onípín nìyẹn. Nínú alájẹṣẹ́kù, ẹnìkan ìbò kan ni. Ìgbà tí a bá ń pín èrè ni a máa ń wo ṣíà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹja gba 14, gàrí 11, kánópì 9. Ẹja wọlé, bẹ́ẹ̀ èèyàn 20 ò yàn án. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn 9 ti kánópì fara mọ́ gàrí ju ẹja lọ. Ẹ yọ èyí tó kéré jù, kí gbogbo yín tún dìbò láàárín méjì tó kù. Tí àwọn 9 bá lọ sọ́dọ̀ gàrí, 20 sí 14 nìyẹn. Ẹ fi àyè kẹrin sí i: "kò sí èyí tó wù mí, kí á dúró."

Ọmọ Òjé
Àyè kẹrin yẹn máa tú ẹgbẹ́ ká ni. Gbogbo ọ̀lẹ á yàn án.

Àdùkẹ́ Apátá
Ó sàn kí ó tú ká ju kí ó ra oúnjẹ ẹja.

Akọ̀wé Òjóo
Mo ti tẹ̀ ẹ́. Alága ní kí n yọ "kí ló lè pa á" kúrò, ó ní á dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ó yọ àyè kẹrin náà. Ẹja ló wà lókè, torí òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Ṣùgbọ́n mo kọ àpò oúnjẹ 65 síbẹ̀, ó sì gbà pé ká dìbò lẹ́ẹ̀mejì.

Baba Àrọ̀
Ṣé ẹ kọ iye àpò kan sí ẹ̀gbẹ́ 65 yẹn?

Akọ̀wé Òjóo
Rárá sà. Àpò 65 nìkan ni mo kọ.